₦1,842,350 lórí fóònù, ₦860,000 nínú ìwé: bí a ṣe ń mọ iye tó kù gan-an nígbà tí sọ̀wédowó ṣì wà níta

Ní ọdún 2025, ọjọ́ Àìkú, 30 oṣù kẹta, ni a kírun yídì ìtúnu ààwẹ̀ ní Nàìjíríà, ìjọba sì fi ọjọ́ Ajé àti ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀lé e ṣe ìsinmi. Èyí túmọ̀ sí pé láti ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀, 28 oṣù kẹta, báńkì kò ṣílẹ̀kùn mọ́ títí di Ọjọ́rú, 2 oṣù kẹrin. Ìparí oṣù sì bọ́ sáàárín ìsinmi náà. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò ló ti kọ sọ̀wédowó fún àwọn tí wọ́n jẹ lówó kí ọdún tó dé, kí kálukú lè rí nǹkan fi ṣọdún, ṣùgbọ́n àwọn tó gbà á kò tíì ráyè gbé e lọ sí báńkì. Irú oṣù bẹ́ẹ̀ ló máa ń fi hàn bóyá ẹni tó ń kọ ìwé owó mọ ohun tó ń ṣe.

Ẹ jẹ́ ká fi ṣọ́ọ̀bù kan ní Ìlọrin ṣàpẹẹrẹ, níbi tí wọ́n ti ń ta ohun èlò ìkọ́lé. Alhaji kan ló ni ṣọ́ọ̀bù náà, ọmọ rẹ̀ obìnrin ló sì ń kọ ìwé owó, ìyẹn ìwé tí wọ́n ń kọ gbogbo owó tó wọlé àti èyí tó jáde sí, tí àwọn kan ń pè ní káàṣìbúùkù. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ìsinmi yẹn, Alhaji wo fóònù rẹ̀, ó rí i pé ₦1,842,350 ló wà nínú àkáǹtì ṣọ́ọ̀bù. Inú rẹ̀ dùn. Oníbàárà rẹ̀ kan ti pè é pé sìmẹ́ńtì wà nílẹ̀ tí òun fẹ́ yára tà, owó gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ ₦1,500,000. Alhaji ní kí ọmọ òun gbé ìwé sọ̀wédowó wá.

"Bàbá, ẹ dákun, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ parí ìwé oṣù kẹta ná," ni ọmọ náà wí. "Nínú ìwé tiwa, ₦860,000 péré ló kù."

Iye méjèèjì fi ₦982,350 jura wọn lọ. Bàbá rò pé ọmọ òun ti ṣi owó kọ. Ọmọ náà sì rò pé báńkì ló gbàgbé láti yọ owó. Ní tòótọ́, kò sí èyí tó pé nínú iye méjèèjì, bẹ́ẹ̀ ni báńkì kò sì ṣe àṣìṣe kankan.

Ohun tó fà á nìyí. Lọ́jọ́ tí sọ̀wédowó bá kúrò lọ́wọ́ wa, ọjọ́ náà gan-an la máa ń yọ owó rẹ̀ nínú ìwé tiwa, nítorí pé a ti fi owó náà sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Báńkì kò mọ̀ pé a kọ nǹkankan. Ìgbà tí ẹni tó gbà á bá mú un lọ sí báńkì tirẹ̀, tí báńkì náà sì fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí báńkì tiwa, ni owó tó kúrò nínú àkáǹtì wa. Ẹlòmíràn a mú tirẹ̀ lọ lọ́jọ́ kejì. Ẹlòmíràn a fi í sínú àpò agbádá fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ní gbogbo àkókò yẹn, owó náà ṣì ń hàn lórí fóònù wa bí ẹni pé tiwa ni.

Kí a tó tẹ̀ síwájú, nǹkan kan wà tó máa ń da àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ ìwé láàmú. Nínú ìwé owó tiwa, owó tó wọlé là ń kọ sí apá dẹ́bítì, èyí tó jáde a lọ sí apá kírẹ́díìtì. Nínú sitetimẹ́ǹtì báńkì, òdìkejì rẹ̀ lẹ máa rí: owó tó wọlé wà lábẹ́ kírẹ́díìtì. Kì í ṣe pé ẹnì kan ṣì í kọ. Báńkì ń kọ ìwé tirẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀ ni, owó yín tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ gbèsè tó jẹ yín. Tí ẹ bá ń fi ìwé méjèèjì wéra, kírẹ́díìtì báńkì ni kí ẹ máa wá nínú dẹ́bítì tiyín.

Ọmọ Alhaji gba sitetimẹ́ǹtì oṣù kẹta láti orí ẹ̀rọ, ó tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, ó sì gbé e kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé owó àti ìwé sọ̀wédowó. Kò bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹta. Àkọsílẹ̀ tó fi parí oṣù kejì ló kọ́kọ́ mú jáde, nítorí pé sọ̀wédowó tó wà níta nígbà náà lè ti dé báńkì lóṣù kẹta, tàbí kó ṣì wà níta síbẹ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kùnà nìyí. Wọ́n á wo sọ̀wédowó oṣù tí wọ́n wà nìkan, wọ́n á gbàgbé ti oṣù tó kọjá, wọ́n á wá fi gbogbo ọjọ́ wá owó tí wọn kò ní rí.

Lẹ́yìn náà ló mú bírò pupa. Sọ̀wédowó kọ̀ọ̀kan tó bá rí nínú ìwé méjèèjì, ó fi àmì sí i níbi méjèèjì. Nọ́ńbà sọ̀wédowó ló ń wò, kì í ṣe iye owó nìkan, nítorí pé ènìyàn lè san iye kan náà fún ẹni méjì. Ṣùgbọ́n kò fi nọ́ńbà nìkan mọ bẹ́ẹ̀ o. Ó ń wo bóyá iye tí báńkì san bá iye tó wà lára abala kékeré tó kù sínú ìwé sọ̀wédowó mu, nítorí ibẹ̀ lèèyàn ti máa ń mọ̀ bí ẹnì kan bá ti fi ọwọ́ kún òdo. Nọ́ńbà 000235 kò sí nínú sitetimẹ́ǹtì, kò sì sí nínú ìwé owó pẹ̀lú. Ó ṣí ìwé sọ̀wédowó, ó bá a níbẹ̀. Bàbá ti ṣi orúkọ kọ sára rẹ̀, wọ́n ti fa ìlà méjì sí i, wọ́n sì fi pín-ìn-nì gbá a mọ́ abala rẹ̀. Ìyẹn dára. Ká ní wọ́n ti ya á jù nù ni, kò bá máa bi ara rẹ̀ léèrè ẹni tó gbé e lọ.

Nígbà tó fi àmì sí gbogbo rẹ̀ tán, sọ̀wédowó márùn-ún ló kù nínú ìwé owó tí kò ní àmì:

000187, 14 oṣù kìíní, káfíńtà: ₦85,000
000231, 24 oṣù kẹta, oníkùn ọ̀dà: ₦420,000
000233, 26 oṣù kẹta, ọlọ́kọ̀ akẹ́rù: ₦165,500
000234, 27 oṣù kẹta, onípáànù: ₦312,000
000236, 28 oṣù kẹta, owó ilé ìkẹ́rùsí: ₦96,000

Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦1,078,500. Owó kan tún wà tó jẹ́ òdìkejì èyí. Lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn, oníbàárà kan san ₦250,000 fún wọn ní sọ̀wédowó, wọ́n sì mú un lọ sí báńkì kó tó pa ilẹ̀kùn. Ìwé owó ti kà á sí owó tó wọlé, ṣùgbọ́n ó di lẹ́yìn ìsinmi kó tó wọ sitetimẹ́ǹtì.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ ìṣirò láti apá báńkì. Ó mú ₦1,842,350, ó fi ₦250,000 tó ń bọ̀ lọ́nà kún un, ó di ₦2,092,350. Ó yọ ₦1,078,500 ti sọ̀wédowó márààrún. Ó ku ₦1,013,850. Iye tó yẹ kó wà nínú ìwé owó nìyẹn, bí kò bá sí ohun tí ìwé náà gbàgbé.

Ṣùgbọ́n ₦860,000 ló wà níbẹ̀. Nítorí náà ó kọjú sí ohun tó wà nínú sitetimẹ́ǹtì tí kò ní àmì. Méjì ló rí. Èkíní ni tiransifáà ₦140,000 tí oníbàárà kan fi ránṣẹ́ ní 19 oṣù kẹta láìsọ fún ẹnikẹ́ni ní ṣọ́ọ̀bù. Èkejì ni owó kéékèèké tí báńkì ń yọ, ti àtẹ̀jíṣẹ́, ti ìtọ́jú àkáǹtì àti irú wọn, èyí tí àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦4,150. Àwọn méjèèjì yìí ti ṣẹlẹ̀ gan-an, ìwé owó ni kò mọ̀. Ó kọ ₦140,000 sí apá owó tó wọlé, ó sì kọ ₦4,150 sí apá owó tó jáde. Ìwé owó di ₦995,850.

Ó ṣì ku ₦18,000 kí ìwé méjèèjì tó dọ́gba.

Ibí yìí ni ẹlòmíràn máa ń sọ pé kí a kọ ₦18,000 sílẹ̀ bí "oríṣiríṣi" kí a sì sùn. Kò yẹ kí a ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé àṣìṣe kékeré lè jẹ́ àṣìṣe ńlá méjì tó ń bo ara wọn. Ọgbọ́n kan wà tí àwọn tó ti pẹ́ nídìí ìwé owó máa ń lò. Ẹ pín iye tí kò dọ́gba náà sí ọ̀nà mẹ́sàn-án. Bó bá pín láìṣẹ́kù, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹnì kan gbé nọ́ńbà méjì tó wà nítòsí ara wọn sípò ara wọn. 18,000 tí a pín sí mẹ́sàn-án jẹ́ 2,000 géérégé. Ó padà sí àwọn tó ti fi àmì sí, ó ń wo iye wọn lẹ́ẹ̀kan sí i, pẹ̀lú sùúrù. Ó bá sọ̀wédowó 000229. Báńkì san ₦68,500, abala ìwé sọ̀wédowó náà sọ ₦68,500, ṣùgbọ́n ₦86,500 lòun fúnra rẹ̀ kọ sínú ìwé owó. Àmì pupa wà lára rẹ̀, nítorí pé ojú ti ń rẹ̀ ẹ́ nígbà tó ń wo nọ́ńbà. Ó ti yọ ₦18,000 jù nínú ìwé, ó wá dá a padà. ₦995,850 pẹ̀lú ₦18,000 jẹ́ ₦1,013,850.

Ìwé méjèèjì bára wọn dọ́gba.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun kan tí kò ṣe. Kò kọ sọ̀wédowó márààrún wọ̀nyẹn sínú ìwé owó lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ wọ́n. Orí bébà ìṣirò nìkan ni wọ́n ti yọ wọ́n kúrò nínú owó báńkì. Mo ti rí ìwé oníṣòwò kan tí akọ̀wé rẹ̀ ń yọ wọ́n lẹ́ẹ̀mejì lóṣooṣù, tí ọ̀gá sì ń rò pé òun ń jẹ gbèsè. Ẹ lè fi àpẹẹrẹ yìí dá a mọ̀: ẹni tó bá tún yọ ₦1,078,500 nínú ₦860,000, ìwé rẹ̀ á sọ pé ó jẹ báńkì ní ₦218,500, nígbà tí báńkì fúnra rẹ̀ ń sọ pé owó wà. Bí ẹ bá rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Òfin ibẹ̀ ò ju èyí lọ: ohun tí báńkì mọ̀ tí ìwé wa kò mọ̀, a ó kọ ọ́ sínú ìwé wa. Ohun tí ìwé wa mọ̀ tí báńkì kò tíì mọ̀, a ó fi báńkì sílẹ̀ kí ó mọ̀ ọ́n lákòókò tirẹ̀.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ sìmẹ́ńtì ₦1,500,000. Ká ní Alhaji kọ sọ̀wédowó yẹn lórí ohun tó rí lórí fóònù, tí ẹni tó gbà á sì sáré gbé e lọ ní Ọjọ́rú tí báńkì ṣí. Ká sọ pé ₦250,000 ti wọlé, àkáǹtì di ₦2,092,350. Báńkì á san owó sìmẹ́ńtì, á ku ₦592,350. Oníkùn ọ̀dà á mú ₦420,000 tirẹ̀ wá, á ku ₦172,350. Ọlọ́kọ̀ á mú ₦165,500 wá, á ku ₦6,850. Ẹni tó kàn ni onípáànù pẹ̀lú ₦312,000. Tirẹ̀ ni yóò padà, bẹ́ẹ̀ òun kọ́ ló dé ìkẹyìn nínú àwọn tí Alhaji jẹ lówó. Bí wọ́n bá ṣe dé ni báńkì ń san wọ́n, kò bá ẹnikẹ́ni wo ọjọ́ tí a kọ wọ́n. Alhaji kò ní lè sọ ẹni tí ìtìjú náà yóò bá.

Kì í sì í ṣe ìtìjú nìkan. Láti ọdún 1977 ni òfin ti wà ní Nàìjíríà lórí sọ̀wédowó tí kò lówó nínú. Bí ènìyàn bá fi sọ̀wédowó gba nǹkan tàbí san gbèsè, tí wọ́n gbé e dé báńkì láàárín oṣù mẹ́ta sí ọjọ́ tó wà lára rẹ̀, tí báńkì sì dá a padà nítorí pé owó kò tó, òfin yẹn lè rán an lọ sẹ́wọ̀n ọdún méjì láìsí àyè owó ìtanràn. Ó fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tó bá lè fi hàn pé òun ní ìdí tó yè kooro láti gbàgbọ́ pé owó náà yóò jáde. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní sọ̀wédowó márùn-ún níta, tó mọ̀ pé wọ́n wà níta, tó sì tún kọ òmíràn lé wọn lórí, kí ni yóò sọ pé òun gbàgbọ́?

Ohun tí Alhaji lè ná lọ́jọ́ yẹn ni ₦1,013,850, kódà ₦250,000 nínú rẹ̀ ṣì jẹ́ sọ̀wédowó ẹlòmíràn tí báńkì kò tíì fọwọ́ sí. Ẹni tó bá fẹ́ sùn dáadáa á ka ìyẹn kúrò títí yóò fi wọlé, á sì fi ₦763,850 ṣe ìṣirò. Alhaji ra ìlàjì sìmẹ́ńtì náà ní ₦750,000. Oníbàárà rẹ̀ kùn díẹ̀, ó sì gbà. Ẹni tí ọdún sàká rẹ̀ bá pé nínú irú oṣù báyìí náà, bébà ìṣirò yìí ni kó mú lọ bá àáfà rẹ̀, kì í ṣe fóònù, kí àáfà lè rí owó tó wà nílẹ̀ àti èyí tí ẹlòmíràn ń bọ̀ wá gbà, kó tó sọ bí yóò ṣe yọ ọ́.

Nínú sọ̀wédowó márààrún, mẹ́rin kò yẹ kó dá oorun mọ́ ẹnikẹ́ni lójú. Ìsinmi ọdún ló dá wọn dúró. Bí sitetimẹ́ǹtì oṣù kẹrin bá jáde, wọ́n yẹ kí wọ́n ti hàn níbẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kìíní tàbí ìkejì. Wọ́n á fi àmì sí wọn, ọ̀rọ̀ wọn á parí. Èyí tí kò bá hàn nìkan ló yẹ ká bi ẹni tó gbà á léèrè.

Ti káfíńtà ló yàtọ̀. Láti 14 oṣù kìíní ni ₦85,000 rẹ̀ ti wà níta, ó wà lórí bébà ìṣirò oṣù kìíní, ó wà lórí ti oṣù kejì, ó tún wà lórí ti oṣù kẹta. Sọ̀wédowó tó bá dàgbà bẹ́ẹ̀, ọ̀kan nínú nǹkan mẹ́ta ló sábà máa ń jẹ́: ó sọnù, tàbí ẹni tó gbà á gbàgbé rẹ̀, tàbí kò dé ọwọ́ rẹ̀ rí. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló yẹ kó bà yín lẹ́rù jù, nítorí pé ẹnì kan ló gbé e láti ṣọ́ọ̀bù. Ọmọ Alhaji pe káfíńtà. Ó ní òun gbà á lóòótọ́, òun fi í sínú àpótí irinṣẹ́, òjò sì ti rin ín mọ́lẹ̀, òun ń tijú láti sọ.

Báńkì ní Nàìjíríà kì í san sọ̀wédowó tó bá ti lé ní oṣù mẹ́fà. Títí di àárín oṣù keje, ẹni tó bá rí èyí he ṣì lè gbé e dé báńkì. Nítorí náà, wọn kò kàn kọ òmíràn fún un lójú ẹsẹ̀. Alhaji kọ́kọ́ kọ lẹ́tà sí báńkì pé kí wọ́n má san nọ́ńbà 000187, ó sọ iye àti ọjọ́ rẹ̀, ó sì dúró títí báńkì fi fèsì pé àwọn ti dì í. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó kọ tuntun. Nínú ìwé owó, ọmọ rẹ̀ dá ₦85,000 àtijọ́ padà sí apá owó tó wọlé, ó fi sábẹ́ orúkọ káfíńtà, ó sì tún kọ ₦85,000 tuntun sí apá owó tó jáde lábẹ́ orúkọ rẹ̀ kan náà.

Mo mọ àwọn tí inú wọn máa ń dùn bí sọ̀wédowó bá pẹ́ jù, tí wọ́n á dá owó náà padà sínú ìwé, tí wọ́n á kọ ọ́ sí èrè ọjà. Kì í ṣe èrè. Bébà ló ti gbó, gbèsè kò gbó. Bí ẹ kò bá rí ẹni náà mọ́, ẹ fi owó náà sí abẹ́ orúkọ rẹ̀ nínú àkọsílẹ̀ àwọn tí ẹ jẹ lówó, kó máa wà níbẹ̀ títí ẹ ó fi rí i tàbí àwọn ẹbí rẹ̀.

Ní ìparí oṣù kẹrin, ọmọ Alhaji tún gbé bírò pupa. Bébà oṣù kẹta ló kọ́kọ́ mú jáde. 000231, 000233, 000234 àti 000236 ti wà nínú sitetimẹ́ǹtì, iye kọ̀ọ̀kan bá ti abala mu. Ó fa ìlà sí wọn. Nígbà tó dé orí 000187, ó kọ "a ti dá a dúró" sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ lẹ́tà náà, ó fi pín-ìn-nì gbá èsì báńkì mọ́ ọn, ó sì ṣí ojú ewé tuntun.